Àwòrán Kan, Gbólóhùn Kan: Ìyókù, Ẹnu Ni Kó Sọ Ọ́

Ìmọ̀ràn kan wà tí gbogbo ẹni tó ti dúró níwájú pírójẹ́kítọ̀ rí ti gbọ́ títí etí rẹ̀ fi kún. Wọ́n á ní kó to kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kó fi búlẹ́ẹ̀tì, àmì rogodo dúdú wọ̀nyẹn, ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó gé ìlà kúrú, kí àwọn tó jókòó lè máa bá a lọ. Olùkọ́ yunifásítì ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń gbé e lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùkọ́, ó sì ti wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Bí ẹnìkan bá gbé sílàìdì dìde tó jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo àti gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n á wò ó bí ẹni tí kò múra wá. Èrò tèmi nìyí, láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ẹni tó gbé àwòrán kan àti gbólóhùn kan wá, tó sì mọ ohun tó fẹ́ fi ẹnu sọ sí i, òun ló múra jù nínú gbọ̀ngàn yẹn. Sílàìdì tó kún fún búlẹ́ẹ̀tì kì í ran olùgbọ́ lọ́wọ́, kì í sì í ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọkàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló ń fi balẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà búlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òmùgọ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ tẹnu wọn dáadáa. Wọ́n ní etí a máa ṣìnà, àfi kí ojú máa tọ́ ọ sọ́nà; ohun tí olùgbọ́ kò bá rí gbọ́, á rí i kà. Wọ́n ní títo ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ ń fi hàn pé olùsọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ létòletò, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé èyí tó kàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ṣe é kó sínú gbólóhùn kan bí ìpolówó ọṣẹ. Wọ́n ní ẹni tí kò lè wá yóò bèèrè fún sílàìdì náà lọ́la, àwòrán tí kò lálàyé kò sì ní wúlò fún un. Èyí tó lágbára jù nínú àwíjàre wọn ni ti èdè: púpọ̀ nínú ìpàdé tí à ń ṣe nílẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, Gẹ̀ẹ́sì sì kọ́ ni èdè abínibí àwọn tó jókòó. Ṣé kò wá yẹ kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà lójú ògiri ni? Àwíjàre gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí, mo sì máa dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo wọn, ìgbàgbọ́ kan náà ló wà, pé ènìyàn lè máa kàwé kó sì máa gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wó.

Ọ̀rọ̀ tí à ń kà, ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ni. Ojú àti etí yàtọ̀ síra lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ojú àti etí, ibì kan náà nínú ọpọlọ ni wọ́n ti ń dù ú. Ẹni tó ń ka ìlà kẹta lójú ògiri kò gbọ́ ohun tí olùsọ̀rọ̀ ń sọ lórí ìlà kìíní. Richard Mayer, onímọ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kalifóníà tó wà ní Santa Barbara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò. Wọ́n fi àwòrán tó ń rìn ṣàlàyé bí mànàmáná ṣe ń wáyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohùn sì ń sọ̀rọ̀ lé àwòrán náà lórí. Àwọn kan rí àwòrán, wọ́n sì gbọ́ ohùn, ó tán. Àwọn mìíràn rí àwòrán kan náà, wọ́n gbọ́ ohùn kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán fún wọn. Nígbà tí wọ́n wá ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ́ yanjú ìṣòro tí wọn kò tíì rí rí, àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún àwòrán fún ni kò ṣe dáadáa tó. Ojú wọn ń bá lẹ́tà jà nígbà tó yẹ kó máa wo ìkùukùu. Ẹni tí kò bá gba ìwádìí yìí gbọ́, kó yíjú sí gbọ̀ngàn èyíkéyìí tí wọ́n ti ń lo sílàìdì ẹlẹ́kún-ọ̀rọ̀. Bí sílàìdì tuntun bá yọ, gbogbo orí á gbé sókè, wọ́n á kà á tán kíá, torí ojú yára ju ẹnu lọ. Lẹ́yìn náà orí á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, nígbà tí olùsọ̀rọ̀ ṣì ń ṣàlàyé ìlà kejì. Wọ́n ti mọ ibi tó ń lọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ dúró gbọ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló ń ka ohun tó wà lójú ògiri sí wọn létí, kí ló dé tí kò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn, kí olúkúlùkù jókòó sílé rẹ̀?

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ mànàmáná fún akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà ńkọ́, níbi tí iye pọ̀, tí ìdánwò pọ̀, tí àlàyé inú àlàyé wà? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí ó ti le jù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2003, Columbia, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú ti àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbéra láti Fulọ́rídà pẹ̀lú ènìyàn méje nínú rẹ̀. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó gbéra tí fóòmù kan fi já kúrò lára àgbá epo ńlá tó so mọ́ ọn, tó sì gbá ìyẹ́ apá òsì rẹ̀. Fóòmù náà kò tó kílò kan, ṣùgbọ́n eré tí ọkọ̀ ń sá pọ̀ débi pé ìkọlù náà lé ní eré kìlómítà 650 láàárín wákàtí kan. Kámẹ́rà ká a sílẹ̀, wọ́n sì rí i nígbà tí wọ́n wo fíìmù náà lọ́jọ́ kejì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ títí ọkọ̀ náà yóò fi padà: ṣé fóòmù yẹn ti ba ohun tó ń dáàbò bo ọkọ̀ lọ́wọ́ iná jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè wọ inú afẹ́fẹ́ ayé padà láìjóná? Àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Boeing ṣe ìṣirò, wọ́n kó èsì rẹ̀ sórí sílàìdì PowerPoint, wọ́n sì gbé e síwájú àwọn alákòóso.

Ọ̀kan nínú àwọn sílàìdì náà ló di ìlúmọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà, nígbà tí Edward Tufte, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Yale tó mọ bí a ṣe ń fi àwòrán gbé iye kalẹ̀, tú u wò. Àkọlé tó wà lókè ní lẹ́tà ńlá sọ pé àyẹ̀wò ìdánwò fi hàn pé ìṣirò lórí bí fóòmù ṣe ń wọ inú táìlì tó bo ara ọkọ̀ kì í fojú kéré ewu, ó máa ń bù lé e ni. Ọ̀rọ̀ ìtùnú nìyẹn. Alákòóso tó bá ka àkọlé nìkan ti fọkàn balẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni búlẹ́ẹ̀tì wà, búlẹ́ẹ̀tì sì bí búlẹ́ẹ̀tì, ìlà ń wọlé sínú ìlà, lẹ́tà ń kéré sí i bí ó ṣe ń wọlé. Ìlà kan sọ pé ìṣirò tí wọ́n ń lò, tí wọ́n pè ní Crater, ti sọ àsọdùn rí nípa bí fóòmù ṣe ń wọ táìlì. Ìlà mìíràn tó fara pamọ́ sínú sọ pé bí fóòmù bá tóbi tó, tó sì yára tó, ó lè wọlé, bí ó bá sì wọlé, ìbàjẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí «gidi gan-an» jáde lójú sílàìdì yìí, kò sì sí ìgbà kan tí wọ́n sọ bí gidi náà ṣe tó. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ti rẹ òǹkàwé, ìlà kan sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ yìí jìnnà sí ohun tí ìdánwò wọn kárí. Ìlà tó gbẹ̀yìn wá kọ iye méjì sílẹ̀: 1920 ínǹṣì kúbíìkì fún fóòmù tó já, 3 fún èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò.

Ẹ dúró lórí ìlà ìkẹyìn yẹn. Bí a bá pín 1920 sí ọ̀nà 3, ìlọ́po 640 ni. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa fóòmù àti táìlì, ara fóòmù tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ogún lítà kan ni wọ́n ti kọ́ ọ, èyí tó já lu ọkọ̀ sì lé ní lítà 31. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí à ń ra epo pupa sí kò ní gbà á. Èyí túmọ̀ sí pé ìdánwò wọn kò lè sọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ tó wà lókè. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jí gbogbo ènìyàn tó wà nínú yàrá yẹn nìyẹn, ibo ló sì wà? Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kékeré, láìsí ẹni tó pín iye méjèèjì fún òǹkàwé, lábẹ́ àkọlé tó sọ òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, Columbia já sí wẹ́wẹ́ lójú sánmà Tẹ́sáásì bó ṣe ń padà bọ̀. Gbogbo àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ìjàǹbá náà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n sì fi sílàìdì yìí sínú rẹ̀. Wọ́n ní ó rọrùn láti rí bí ọ̀gá àgbà kan ṣe lè kà á kó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún bá NASA wí pé sílàìdì ti gba ipò ìwé ìròyìn iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ní búlẹ́ẹ̀tì ló já ọkọ̀ yẹn. Fóòmù ni. Ìgbìmọ̀ náà bá ìwà àwọn alákòóso wí pẹ̀lú, àti bí wọ́n ṣe sọ ewu tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ di nǹkan tí wọ́n ń gbójú fò. Kì í tilẹ̀ ṣe ara táìlì ni ihò ti ṣí, etí iwájú ìyẹ́ ni. Ìbéèrè tèmi kéré ju ìyẹn lọ, ó sì ṣe tààrà: ṣé ètò búlẹ́ẹ̀tì ran òtítọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà wọ̀nyẹn lọ́wọ́ ni, àbí ó bò ó mọ́lẹ̀? Ó bò ó mọ́lẹ̀, bó sì ṣe bò ó ṣe kedere. Búlẹ́ẹ̀tì gbà kí ènìyàn to nǹkan láìsọ ohun tí àwọn nǹkan náà ń ṣe fún ara wọn. Ìlà tó ní Crater máa ń sọ àsọdùn àti ìlà tó ní fóòmù ńlá lè wọlé, ìjà ni wọ́n ń jà, ṣùgbọ́n lójú sílàìdì, ńṣe ni wọ́n jókòó tira wọn bí ọ̀rẹ́. Kò sí «ṣùgbọ́n» láàárín wọn, kò sí «nítorí náà». Bẹ́ẹ̀ ni kò sí olùṣe: gbogbo sílàìdì náà, kò síbi tí ẹnìkan ti sọ pé «a kò mọ̀». Ìlà tí a gé kúrú kò nílò ẹni tó sọ ọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká tún un kọ. Gbólóhùn kan lókè, tó pé, tó ní olùṣe, tó ní ohun tó ń sọ: *Ìdánwò wa kò lè sọ bí ìyẹ́ ọkọ̀ yìí ṣe rí, torí fóòmù tó lù ú fi ìlọ́po 640 tóbi ju èyí tí a fi ṣe ìdánwò lọ.* Lábẹ́ rẹ̀, àwòrán kan: àpótí onígun dọ́gba méjì, lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹ̀gbẹ́ èyí tó kéré kò tó sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ̀gbẹ́ èyí tó tóbi lé ní 31. Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń ṣì ṣe, ó sì tọ́ ká sọ ọ́. Ìlọ́po 640 yìí, ti ìtóbi inú ni. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ńlá kò ju ìlọ́po mẹ́jọ ààbọ̀ àti díẹ̀ ti kékeré lọ. Ẹni tó bá fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn ní ìlọ́po 640 ti parọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú máa ń fojú kéré ìtóbi inú nígbà tí a bá yà á sórí nǹkan pẹlẹbẹ, ìdí nìyẹn tí 640 fi gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn. Gbólóhùn ń sọ iye, àwòrán ń jẹ́ kí iye náà dun ojú. Ọ̀kan kò lè dá a ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, ẹnu ni yóò sọ wọ́n, mẹ́ta péré sì ni. Èkíní, ibi tí Crater ti wá, pé ara ègé kéékèèké ni wọ́n ti gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀. Èkejì, ohun tí ìdánwò kékeré náà fi hàn síbẹ̀: bí fóòmù bá ti lè kọjá awọ líle tó wà lójú táìlì, agbára díẹ̀ sí i ti tó láti mú ìbàjẹ́ púpọ̀ wá. Ẹ̀kẹta, ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn alákòóso ṣe: kí wọ́n bá àwọn ológun sọ̀rọ̀ láti ya fọ́tò ìyẹ́ náà lókè. Ìṣẹ́jú méjì tó fún gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò jáde kúrò nínú yàrá yẹn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀?

Ẹnìkan á ní ọgbọ́n ẹ̀yìn ni mò ń lò, pé mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí kí n tó yan gbólóhùn mi. Rárá o. Kò sí nǹkan kan nínú gbólóhùn yẹn tí kò sí lójú sílàìdì àkọ́kọ́. Iye méjèèjì wà níbẹ̀. Ìpín lásán ni mo pín in. Àwọn ẹnjiníà fúnra wọn ti bèèrè fún fọ́tò kí ọkọ̀ tó padà, wọn kò rí i gbà. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Ohun tí kò sí ni ètò tí yóò fi agbára mú wọn dáhùn kí wọ́n tó wọ yàrá ìpàdé: nínú gbogbo èyí tí a mọ̀, èwo ni a fẹ́ kí wọ́n gbé lọ? Búlẹ́ẹ̀tì kì í bèèrè ìbéèrè yẹn. Ààyè ló ń fún ni láti kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, kí olùgbọ́ ṣà á fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà pàápàá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá bèèrè fún sílàìdì tuntun nínú PowerPoint, èyí tó máa ń gbé wá ní àpótí méjì: `Click to add title` lókè, `Click to add text` nísàlẹ̀. Bí a bá tẹ Enter nínú àpótí ìsàlẹ̀, búlẹ́ẹ̀tì mìíràn á yọ. Bí a bá tẹ Tab, ìlà á wọ inú, lẹ́tà rẹ̀ á sì kéré. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju àpótí lọ, ẹ̀rọ kò ní ní ó tó gẹ́ẹ́. Ńṣe ni yóò máa sọ lẹ́tà di kékeré kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé. Ohun tí ẹ̀rọ ń gbé síwájú ẹni ni ènìyàn wá ń pè ní àṣà. Ọ̀nà àbáyọ kò ju kí a yan `Title Only`, kí a kọ gbólóhùn sí apá òsì òkè ní lẹ́tà 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó má ju ìlà méjì lọ, kí a fi gbogbo ààyè tó kù fún àwòrán. Michael Alley, tó ń kọ́ àwọn ẹnjiníà ní bí a ṣe ń sọ iṣẹ́ ẹni fún ènìyàn ní Penn State, ti ń polongo irú sílàìdì yìí láti ọdún pípẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2006 tó fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi gbólóhùn tó pé ṣe àkọlé sílàìdì fún rántí ẹ̀kọ́ wọn ju àwọn tí àkọlé tiwọn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ.

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín sí àwòrán. Wọ́n á ní àwòrán ọwọ́ méjì tó ń bọ ara wọn, àtẹ̀gùn tó ń lọ sókè ọ̀run, gílóòbù, ṣé ìyẹn ni yóò fi ìmọ̀ hàn? Ọ̀rọ̀ wọn bá mi lára mu. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ burú ju búlẹ́ẹ̀tì lọ, torí búlẹ́ẹ̀tì ṣì ń sọ nǹkan. Àwòrán tí mò ń sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀rí: gíráàfù, fọ́tò nǹkan gan-an tí à ń sọ, máàpù, àwòrán bí ẹ̀rọ ṣe rí nínú. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rí yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹ yí gbólóhùn òkè padà sí òdìkejì rẹ̀. Bí àwòrán náà bá ṣì bá a mu láìsí wàhálà, ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ yọ ọ́. Àpótí méjì ti Columbia kò lè dúró lábẹ́ gbólóhùn tó sọ pé ìdánwò wa kárí ohun tó ṣẹlẹ̀. Á tú u fó lójú gbogbo ènìyàn. Ọwọ́ méjì tó ń bọ ara wọn lè dúró lábẹ́ ohunkóhun.

Ó wá ku àwíjàre èdè, èyí tí mo ní ó lágbára jù. Mayer àti àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ kíkọ lè ṣèrànwọ́ nígbà tí èdè bá jẹ́ àjèjì sí olùgbọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣòro. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ wo, ibo ni yóò sì wà? Orúkọ nǹkan, ọ̀kan tàbí méjì, tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan náà gan-an lórí àwòrán. Nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ orúkọ oògùn kan fún ìgbà àkọ́kọ́ nílò láti rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Kò nílò ìlà mẹ́sàn-án tí a gé lẹ́sẹ̀. Kódà, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè rẹ̀ gan-an ni ìlà gígé ń dà lọ́kàn rú jù, torí òun ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ ìṣe tí a yọ kúrò. Ta ló ń ṣe é? Ìgbà wo? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ ni àbí ó lè ṣẹlẹ̀? Gbólóhùn tó pé ń dá gbogbo ìyẹn lóhùn. Àwòrán kò sì ní èdè tí ẹnikẹ́ni nílò láti kọ́ kó tó wò ó. Bí a bá ń ro ti olùgbọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì nira fún ní tòótọ́, búlẹ́ẹ̀tì ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká gbà kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹni tí kò lè wá ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí i. Tufte kò ní kí NASA ya àwòrán rírẹwà dípò búlẹ́ẹ̀tì; ìwé ìròyìn iṣẹ́ tó ní gbólóhùn àti ìpínrọ̀ ló ní kí wọ́n pín fún àwọn ènìyàn. Mo fara mọ́ ọn lórí ìyẹn, kò sì tako ohun tí mò ń sọ. Ìwé ni ti ẹni tó ń dá kàwé nílé, sílàìdì ni ti ẹni tó ń gbọ́ ohùn ènìyàn nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohun kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì, yóò gbé nǹkan wá tó pọ̀jù fún gbọ̀ngàn, tó sì kéré jù fún ilé. Ṣé ẹni tí kò wá sí ìpàdé yóò lóye ìlà tó ní «àtúnṣe ètò ìpínkiri»? Kí ni wọ́n tún ṣe? Ta ló tún un ṣe? Sílàìdì náà kò sọ, olùsọ̀rọ̀ ló sọ ọ́, òun kò sì sí níbẹ̀. Ti ìgbàgbé sì rọrùn jù láti dáhùn. Àyè kan wà lábẹ́ sílàìdì kọ̀ọ̀kan, `Notes`, tí a lè kọ kókó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a fẹ́ sọ sí. `Presenter View` á fi í han olùsọ̀rọ̀ nìkan, àwọn tó jókòó kò ní rí i. Ìwé pélébé lọ́wọ́ náà á ṣe é, kò sì bẹ̀rù iná mànàmáná tó bá lọ. Ìrántí olùsọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ olùsọ̀rọ̀ ni. Kí ló dé tí igba ènìyàn yóò fi máa wò ó lójú ògiri?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń wá ojútùú sáàárín. Wọ́n ní kó má ju ìlà mẹ́fà lọ lójú sílàìdì, kí ìlà má ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ. Òfin yìí ń mú àìsàn náà le sí i ni. Ohun tí a kọ́kọ́ ń gé kí ìlà lè di ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni olùṣe, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ìṣe, lẹ́yìn náà «nítorí» àti «àfi». Ohun tó kù kò lè jẹ́ òótọ́, kò sì lè jẹ́ irọ́. Àwọn ẹnjiníà Columbia ì bá gé ìlà tiwọn kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1920 àti 3 ì bá bá a lọ. Nítorí náà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dín búlẹ́ẹ̀tì kù. Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kó kọ gbólóhùn kan tí ẹlòmíràn lè dìde nínú gbọ̀ngàn kó ní «irọ́ ni», kó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀ ní àwòrán kan, kó wá la ẹnu kó sọ ìyókù fún àwọn tó wá gbọ́ ọ. Bí kò bá rí gbólóhùn náà kọ, a jẹ́ pé kò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ, kó sì sún ìpàdé náà síwájú títí yóò fi mọ̀ ọ́n.